Jerúsálẹ́mù tàbí Kọ́ríńtì: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Fífi Èdè Fọ̀ Ti Ya Àwọn Ìjọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé láti ọjọ́ tí ìjọ Aládùúrà ti dáyé ni wọ́n ti ń fi èdè fọ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó di ìpìlẹ̀ ìjọ C.A.C. tí a mọ̀ lónìí gbàdúrà tọ̀sán-tòru, wọ́n pa oògùn tì, wọ́n gbàgbọ́ pé Ọlọ́run nìkan ló ń woni sàn. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dì mú kò fàyè gba fífi èdè fọ̀ rárá. Àwọn tó ń kọ́ wọn láti òkè òkun ka irú àdúrà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀tàn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kóra jọ sẹ́yìn Joseph Ṣadare láti máa gbàdúrà, olùkọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sófíà Ọdúnlámì sì wà lára wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó di 1922, wọ́n bá ìjọ Áńgílíkà pínyà, nítorí pé wọn kò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lílo oògùn, wọ́n sì gba àlá àti ìran gbọ́. Kò sí fífi èdè fọ̀ nínú ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Nínú ilé ìsìn tí wọ́n ti kúrò, inú ìwé ni wọ́n ti ń ka àdúrà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí oníkálukú la ẹnu ara rẹ̀, kó ké pe Ọlọ́run ní Yorùbá bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn ún lọ́kàn. Ìyẹn nìkan ti tó láti kó jìnnìjìnnì bá àwọn àlùfáà ìgbà náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n so mọ́ ìjọ kan ní ìlú Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Féètì Tábánákù. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ló so wọ́n pọ̀. Dáfídì Odùbánjọ ní Èkó ló ń kọ̀wé sí wọn, àwọn náà ń fèsì, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn tí Filadẹ́fíà ń kọ́ni bá ọkàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí mu. Àmọ́ ìjọ kan náà ló kórìíra ohun tí àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ń ṣe. Ní tiwọn, ẹni tó ní Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé òun tó wá ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó ti ṣìnà.

Àárín àwọn ará Nàìjíríà àti Filadẹ́fíà dàrú ní apá ìparí àwọn ọdún 1920. Ní oṣù kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà, gbọ́ ìpè lórí iṣẹ́. Ní oṣù keje 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀òyè ní Iléṣà, ènìyàn sì ń rọ́ wá láti ìlú dé ìlú. Ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo wọn, ìdí nìyí tí àwọn àgbà ìjọ fi ń wá ẹni tí yóò ti wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n kọ̀wé sí Ìjọ Àpọ́sítélì ní Britéènì. Ní oṣù kẹsàn-án 1931, Pásítọ̀ D. P. Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sọ̀kalẹ̀ sí Èkó. Ìjọ tiwọn, inú ìsọjí tó gba ilẹ̀ Wales ló ti jáde, fífi èdè fọ̀ àti àsọtẹ́lẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìsìn.

Bí èdè ṣe wọlé nìyẹn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1940, àwọn òyìnbó àti ẹgbẹ́ Babalọlá, Odùbánjọ àti Akínyẹlé, tó padà di Olúbàdàn, tún ti pínyà. Ọ̀rọ̀ oògùn ló fà á: àwọn òyìnbó ń lo kíníìnì nítorí ibà, àwọn Aládùúrà sì ní ẹni tó ń lo kíníìnì kò ní ìgbàgbọ́. Wọ́n fi àwọn òyìnbó sílẹ̀, wọ́n forúkọ C.A.C. sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Àmọ́ wọn ò dá èdè padà fún ẹni tó mú un wá. Èyí fi hàn pé ohun tí wọ́n gbà náà ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù.

Báwo ni ìjọ méjì, tí wọ́n jọ kọ oògùn tàbí tí wọ́n jọ gba ìwòsàn gbọ́, tí wọ́n sì ń ka Bíbélì kan náà, ṣe lè yà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lórí àdúrà? Ìdáhùn rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ìlú méjì ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n ti fi èdè fọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ò sì jọra.

Ìlú àkọ́kọ́ ni Jerúsálẹ́mù, nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, àwọn àlejò tó wá láti ilẹ̀ oríṣiríṣi sì gbọ́ wọn, kálukú ní èdè abínibí rẹ̀. Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Ìlú kejì ni Kọ́ríńtì, nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí wọn, orí kẹrìnlá. Níbẹ̀, ẹni tó ń fi èdè fọ̀ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tó ń wí àfi bí ẹnìkan bá túmọ̀ rẹ̀. Ìlànà tí Pọ́ọ̀lù fi lélẹ̀ fún wọn ṣe kedere: ẹni méjì, ó pẹ́ tán ẹni mẹ́ta, ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sì túmọ̀. Bí kò bá sí olùtúmọ̀, kí onítọ̀hún dákẹ́ nínú ìjọ, kó máa bá ara rẹ̀ àti Ọlọ́run sọ ọ́. Òun kan náà ló sọ pé òun ń fi èdè fọ̀ ju gbogbo wọn lọ, tó sì tún ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tó yéni sàn ju ẹgbàárùn-ún ọ̀rọ̀ tí kò yéni lọ. Ó parí rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun.

Ìjọ tó bá fi Jerúsálẹ́mù ṣe òṣùwọ̀n yóò ní èdè tòótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè ènìyàn kan níbìkan. Bí àwọn Adifẹ́ńtíìsì ṣe rí i nìyẹn: Ọlọ́run fi èdè fúnni kí ìhìn rere lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ èdè oníwàásù. Nítorí náà wọn kì í fi èdè àìmọ̀ gbàdúrà nínú ìsìn wọn. Ìjọ Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Portland ní Amẹ́ríkà, gbà ní tirẹ̀ pé ẹni tó bá gba Ẹ̀mí yóò fi èdè fọ̀, àmọ́ wọ́n ní èdè gidi ni yóò jẹ́, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ bó bá wà nítòsí.

Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, Jerúsálẹ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ tò lé. Nígbà ìsọjí òpópónà Azusa ní Los Angeles ní 1906, tí William Seymour ṣe olórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé èdè tí Ẹ̀mí fi sí wọn lẹ́nu ni wọn yóò fi wàásù nílẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ. Alfred Garr àti ìyàwó rẹ̀ Lillian gbà á gbọ́ dé ibi pé wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, pẹ̀lú èrò pé èdè ibẹ̀ ló wà lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n dé Kàlìkọ́tà, wọ́n sọ ọ́, kò yé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kò torí ẹ̀ padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé irọ́ ni òun pa. Ó kọjá sí Họng Kọng, ó jókòó ti ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè àwọn ará Ṣáínà bí gbogbo míṣọ́nárì tó kù ti ń kọ́ ọ. Ó ń fi èdè tirẹ̀ gbàdúrà síbẹ̀, àmọ́ ó ti wá gbà pé àdúrà àti ìyìn ni Ọlọ́run fi í fún un fún. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí gan-an. Ohun tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní ọdún díẹ̀ ni gbogbo àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì wá rìn lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n kúrò ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n kọjá sí Kọ́ríńtì.

Bí wọ́n ti dé Kọ́ríńtì, ìṣòro mìíràn ń dúró dè wọ́n. Bí gbogbo ẹni tó gba Ẹ̀mí bá gbọ́dọ̀ fi èdè fọ̀, tí Pọ́ọ̀lù sì ní kò gbọdọ̀ ju ẹni mẹ́ta lọ, kí ni kí ìjọ tó ní igba ènìyàn ṣe? Ìjọ Asẹ́ńbílíìsì ọ́fù Gọ́ọ̀dù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1914, kọ ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní 1916, wọ́n sì ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èdè tó ń jáde lẹ́nu ẹni tí Ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé, àmì ni, gbogbo onígbàgbọ́ ló lè ní i. Èdè tí ẹnìkan fi jíṣẹ́ fún ìjọ, ẹ̀bùn ni, àwọn díẹ̀ ni Ọlọ́run ń fún. Èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn yìí ló nílò olùtúmọ̀. Èyí tó jẹ́ ti àdúrà kò nílò rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ ọ́, kì í ṣe ènìyàn. Bó o bá ti gbọ́ tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi èdè gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà ní pápá ìpàgọ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí kò sì sẹ́ni tó túmọ̀, ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n dúró lé, kódà bí ẹni tó ń gbàdúrà ò mọ̀ ọ́n lálàyé.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ Àpọ́sítélì, tí C.A.C. jogún, rọra ju èyí lọ. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ìbatisí Ẹ̀mí Mímọ́ wà fún onígbàgbọ́, àmì á sì máa tẹ̀lé e. Wọn ò dárúkọ èdè nìkan. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí alàgbà àtijọ́ kan, tó ń ríran, tó ń gbàdúrà tí aláìsàn ń dìde, tí kò sì fi èdè fọ̀ rí, máa jókòó sórí àga rẹ̀ láìsí ìtìjú.

Nínú ìṣọ́ òru kan nílùú Ìbàdàn, mo jókòó ti ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Aṣáájú dá kókó àdúrà, ó ní kí á gbà á ní Yorùbá. Ìyá náà so ìborùn rẹ̀ le, ó ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín àga méjì. Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó sọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ó ní kí Ọlọ́run di ọwọ́ dókítà mú. Àdúrà náà yé mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, aṣáájú ní kí á gbà á nínú ẹ̀mí. Ohùn ìyá yìí yí padà, ó lọ sílẹ̀, ó ń sáré, ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ kan ń tẹ̀ lé òmíràn, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Mi ò lè ṣe àmín mọ́, nítorí mi ò mọ ohun tí màá ṣe àmín sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ fi yí i sí èdè?” Ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, tí ẹ̀dùn ò sì tíì tán nínú mi, ìgbà yẹn ni mo bọ́ sí èdè.”

Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí ohun tí ìyá yìí sọ wà nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, níbi tó ti ní Ẹ̀mí ń ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a ò mọ bó ṣe yẹ kí á gbàdúrà. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé rí ni pé ìjọ tó lòdì sí fífi èdè fọ̀ kì í bá ìyá yìí jà lórí ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Ìjà wọn dá lórí èmi tí mo jókòó tì í. Ìjọ Áńgílíkà ti kọ ọ́ sínú òfin ìgbàgbọ́ wọn mọ́kàndínlógójì láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Òfin kẹrìnlélógún ní ó lòdì sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí á máa gbàdúrà nínú ìjọ ní èdè tí kò yé àwọn ènìyàn. Nígbà yẹn, èdè Látìnì ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe èdè Ẹ̀mí. Ìlànà yìí kan náà ló bá àwọn míṣọ́nárì dé ilẹ̀ wa, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n yára tú Ìwé Àdúrà sí Yorùbá. Ìjọ Kátólíìkì tí òfin náà ń bá wí kò fi Látìnì sílẹ̀ títí di ìgbà ìpàdé Fatikáànì Kejì ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n fàyè gba èdè ìbílẹ̀. Ó sì yà mí lẹ́nu pé ọdún díẹ̀ péré lẹ́yìn náà, ní 1967, ẹgbẹ́ àwọn Kátólíìkì tó ń fi èdè fọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èdè tó yé wọn tán ni, wọ́n tún rí èdè tí kò yé wọn gbà.

Láàárín àwọn Aládùúrà aláṣọ funfun, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní Kérúbù àti Séráfù, tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì, ó lè kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni, àmọ́ iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Wọ́n ń retí kó sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹnìkan á sì jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé, á máa kọ ohun tó bá wí sílẹ̀. Lójú tèmi, akọ̀wé yẹn sún mọ́ ìlànà Kọ́ríńtì ju ọ̀pọ̀ ìjọ ìgbàlódé lọ. Wòlíì Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú ti Ògèrè lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Ọlọ́run fi orúkọ mímọ́ han òun, àwọn orúkọ tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Hébérù, àti ọ̀nà ìkọ̀wé tí a ò rí irú rẹ̀ rí, ó sì ń lò wọ́n nínú àdúrà. Ní 1931, àwọn àgbà tí Babalọlá wà láàárín wọn pè é jókòó, orúkọ mímọ́ wọ̀nyí sì wà lára ohun tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pínyà. Ní ọdún yẹn gan-an ni àwọn àgbà yìí kan náà ń gba àwọn aráa Wales tó ń fi èdè fọ̀ lálejò. Ó ṣeé ṣe kó dà bí ohun tó takora, àmọ́ ìyàtọ̀ wà níbẹ̀: èdè tó ń jáde lẹ́nu tó sì lọ, ẹni tó bá ní i ló ń lò ó. Orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọ́n ní kí gbogbo ìjọ máa pè láti rí ìdáhùn, ó ti di òfin fún ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́ jù lóde òní ni kíláàsì àwọn ọmọ ìjọ tuntun. Mo ti rí i tí wọ́n to àwọn ọ̀dọ́ lórí ìlà, tí wọ́n ní kí wọ́n máa pe halelúyà, kí wọ́n máa sáré pè é, kí wọ́n má dúró, títí ahọ́n á fi kọ́lọ. Bí ahọ́n bá ti kọ́lọ, wọ́n á pariwo pé ó ti gbà á. Ọmọbìnrin kan wà lórí ìlà náà tí ahọ́n rẹ̀ kò kọ́lọ. Wọ́n dúró lé e lórí tó wákàtí kan, wọ́n ní kó lọ yẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wò. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi títí di òní. Ọ̀nà láti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn kò ṣòro: tẹ́tí sí wọn. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ń sọ sílébù mẹ́ta kan náà tí olùkọ́ wọn máa ń sọ, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí i. William Samarin, onímọ̀ èdè tó gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1972, tẹ́tí sí àwọn tó ń fi èdè fọ̀ ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan, ó sì rí i pé ìró tí wọ́n ń lò kì í sábà jìnnà sí ìró èdè tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé kò ní gírámà bí èdè ènìyàn. Ìyẹn lè bi ẹni tó di Jerúsálẹ́mù mú ṣubú. Ẹni tó wà ní Kọ́ríńtì kò ní mira, nítorí kò sọ pé èdè ènìyàn ni tẹ́lẹ̀.

Ó tún ń bàjẹ́ lápá kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi òfin lé e wọ inú yàrá. Ìgbìmọ̀ míṣọ́nárì àwọn Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tó rán Thomas Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850, ṣe òfin ní 2005 pé wọn kò ní gba ẹni tó ń fi èdè gbàdúrà síṣẹ́ míṣọ́nárì, kódà bó jẹ́ pé nínú kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Olórí ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, Jerry Rankin, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun alára máa ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò kan àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ó wà lórí àga rẹ̀, ó ń darí iṣẹ́ tí wọn kì bá gbà á sí ká ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni òfin náà fi wà. Ní 2015 ni wọ́n mú un kúrò, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ èdè da iṣẹ́ rú láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ìjọ kan tí wọ́n ti rí ojútùú tó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹnìkan bá dìde láàárín ìsìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè sọ̀rọ̀ sókè, alàgbà tó ń darí á jẹ́ kó parí, á sì ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́. Wọ́n á dúró díẹ̀ de ẹni tó ní ìtumọ̀. Bó bá wà, á sọ ọ́ ní Yorùbá, àwọn àgbà á sì gbé e yẹ̀ wò bóyá ó bá ìwé mímọ́ mu. Bí kò bá wá, alàgbà á dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, á ní kó jókòó kó máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ lọ nínú ara rẹ̀, á sì pe ẹlòmíràn láti gbàdúrà ní Yorùbá, kí gbogbo ìjọ lè ṣe àmín sí i.